Fíìsì dípọ́síìtì mi ní báǹkì kan ní Pánṣẹ̀kẹ́, Abẹ́òkúta

"Ẹ kú oríire, Mọ́mì, owó yín ti bímọ!" Ohun tí ọmọkùnrin tó wà ní káńtà sọ fún mi ní Jánúárì 2025 nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì bí mi nínú débi pé mo ní kó fún mi ní bébà àti bírò.

Òpin Disẹ́ńbà 2020 ni mo fi mílíọ̀nù kan náírà síbẹ̀, èlé 8% lọ́dún, tí wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ ojú owó. Ìjọba ń yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá èlé náà, nítorí náà 7.2% ló ń kù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, wọ́n ka ₦1,320,624 fún mi. Kọ́bọ̀ kan ò dín. Ibi tó yẹ kí n ti yìn wọ́n nìyẹn.

Ọmọ yìí náà fẹ́ fi ọ̀wọ́ngógó ọjà dá mi lójú. Ó kọ iye tí Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè gbé jáde ní Disẹ́ńbà kọ̀ọ̀kan láti 2021 dé 2024: 15.63%, 21.34%, 28.92%, 34.80%. Ó rò wọ́n pọ̀, ó ní ọjà kàn di ìlọ́po méjì ni. Ìṣirò ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìntì, mi ò lè gbà fún un. Mo ní, "Ọmọ mi, orí iye tó ti gòkè lọ́dún tó kọjá ni tọdún yìí ń gùn." Ọjà ₦100 di ₦115.63 lọ́dún àkọ́kọ́. Lórí ìyẹn ni 21.34% ti bẹ̀rẹ̀, ó di ₦140.31, lẹ́yìn náà ₦180.88, ó sì parí sí ₦243.83. Ẹ wá fi 2.4383 pín owó tí wọ́n kà fún mi: bí ₦541,600 ti ọdún 2020 ni. Tòun tèlé o! Ọ̀nà tirẹ̀ ì bá fi nǹkan bí ₦658,000 hàn mí. (Ẹni tó bá fẹ́ fi iye ọdún 2025 kún un, kó rọra: àjọ náà yí ìpìlẹ̀ ìṣirò padà lọ́dún náà, ó sì dà bíi pé ọ̀wọ́ngógó já wálẹ̀ lójijì.)

Ohun tó dùn mí jù ni pé èlé tí báǹkì àpapọ̀ fi ń darí ọjà owó kúrò ní 11.5%, ó dé 27.5% ní Nòfẹ́ńbà 2024, àwọn wọ̀nyí sì ń sọ tèmi dọ̀tun ní 8%. Ẹnikẹ́ni ò pè mí.

Ìgbà tí ohùn mi lọ sókè ni mánẹ́jà jáde. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó jókòó tì mí, ó ka bébà mi láti òkè délẹ̀, kò jiyàn. Ó fi ojú ibi tí fọ́ọ̀mù ti sọ pé iye àtijọ́ ni yóò máa lọ àfi bí oníbàárà bá kọ̀wé hàn mí. Lẹ́tà kékeré bí ìdin! Ó kọ 18% fún mi, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà, èyí náà ò tíì bá ọjà dọ́gba, ẹ má jẹ́ kó ju oṣù mẹ́ta lọ kí ẹ tó padà wá béèrè." Òṣìṣẹ́ báǹkì tó sọ irú ìyẹn lẹ́nu ara rẹ̀, mi ò rí i rí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ̀rọ amúlétutù wọn ń ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í dá àgbàlagbà dúró.