Ańpilifáyà: lórí òpó ni àbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò?

Ẹ jẹ́ ká mú LoRa, rédíò tó ń fi ìsọfúnni kékeré ránṣẹ́ sọ́nà jíjìn, ká lò ó ní SF12, ìpele rẹ̀ tó lọ́ra jù, lórí 125 kHz. Ariwo àdámọ́ ibẹ̀ jẹ́ -123 dBm, rédíò á tún fi ariwo tiẹ̀ kún un, ìyẹn la ń pè ní nọ́ísì fígọ̀, ṣùgbọ́n SF12 ṣì lè ka àmì tó fi 20 dB rẹlẹ̀ sí àpapọ̀ ariwo yẹn.

Tẹ́ ẹ bá gbé ańpilifáyà tí nọ́ísì fígọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1 dB sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, tí wáyà tó ń bọ̀ látòkè sì ń jẹ 3 dB, ó ti di 4 nìyẹn, àmì tó rẹlẹ̀ jù tẹ́ ẹ lè kà á wá jẹ́:

```
-123 + 4 - 20 = -139 dBm
```

Lórí òpó, nídìí ańtẹ́nà gan-an, ó máa sún mọ́ -142 dBm, ìyẹn ni pé ẹ lè ka àmì tó tún rẹlẹ̀ sí i, torí ańpilifáyà ti gbé àmì ga kí wáyà tó jẹ ẹ́. Òkè lèmi á gbé e sí o. Àmọ́ tí ariwo bá fò sókè gan-an gbàrà tẹ́ ẹ so ańtẹ́nà mọ́ ọn, ariwo àdúgbò nìyẹn, bíi ti ínfátà, ańpilifáyà ò lè yọ ọ́ kúrò.