Jẹ́n pẹtiróòlù àti jẹ́n dísù: kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo ibi tí ooru ń gbà lọ

Àbúrò mi obìnrin tó ń ránṣọ ní Kubwa ló ní kí n tẹ̀lé òun lọ ra jẹ́n, torí ọ̀rọ̀ iná ti sú u. Áyọ́ọ̀nù ẹ̀ nìkan 1,200 wọ́ọ̀tì ni, máṣíìnì ìránṣọ méjì tún wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tá a kọ́kọ́ wọ̀, ọkùnrin tó ń tajà fọwọ́ lu táńkì kinní kan, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, eléyìí kì í fi epo ṣòfò o, 98% epo tẹ́ ẹ bá dà sí i ló máa jó." Àbúrò mi ti ń wá fóònù ẹ̀ láti sanwó, ni mo bá fà á lápá. Ọkùnrin yẹn lè má purọ́ o, ẹ́ńjìnì tó dáa máa ń jó epo ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lóòótọ́, àmọ́ kí epo jó tán yàtọ̀ sí kí epo di iná nínú wáyà. Igi náà ń jó tán lábẹ́ ìkòkò, ẹ wá wo èyí tó wọnú ọbẹ̀ àti èyí tó ń yan ojú ẹni tó ń dáná.

Torí náà, kí n tó fi jẹ́n méjèèjì wéra, ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ́ńjìnì. Epo jó nínú síńlíńdà, gáàsì inú ẹ̀ gbóná tó nǹkan bíi 2,200 dígírì, ó wú, ó ti písítọ̀nù lọ sísàlẹ̀, ìtì yẹn ló ń yí ṣáfùtì, ṣáfùtì ló ń yí kọ́ìlì tó ń mú iná wá. Ó dáa. Àmọ́ písítọ̀nù gbọ́dọ̀ padà sókè kó lè tún ṣe é, tí gáàsì gbígbóná yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ tó ń ti í, gbogbo agbára tá a rí gbà nígbà tó ń lọ sísàlẹ̀ la máa ná tán láti fún un padà. Ohun tí ẹ́ńjìnì ń ṣe ni pé ó ń ṣí fáàfù, á da gáàsì náà síta pẹ̀lú ooru tó kù nínú ẹ̀, á fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé. Ooru tó dànù yẹn kì í ṣe àṣìṣe ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnì. Òfin kejì nípa ooru ló ní bẹ́ẹ̀: kò sí ẹ̀rọ tó ń yí po yí po tó lè gba ooru kó sì sọ gbogbo ẹ̀ di iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ sílẹ̀ níbi tó tutù jù.

Sadi Carnot, ọmọ Faransé kan, ló kọ́kọ́ rí i kedere, ó gbé ìwé jáde lórí ẹ̀ ní 1824. Ó fi ooru wé omi tó ń já látòkè. Bíi ti Shiroro tiwa níbí, omi gbọ́dọ̀ rí ìsàlẹ̀ tó máa já sí kí tọ́báìnì tó yí, tí òkè àti ìsàlẹ̀ bá dọ́gba, omi lè pọ̀ bí òkun, kò sí ìdí kankan tó fi máa yí nǹkan. (Ibi tó ti ṣì í díẹ̀ ni pé ó rò pé ooru tó wọlé náà ló máa jáde láìdín, bí omi ṣe ń ṣe. Ooru ń dín, èyí tó dín yẹn ló di iṣẹ́.) Iye tó pọ̀ jù tí ẹ́ńjìnì kankan lè rí sọ di iṣẹ́ nìyí:

```
1 − Tc/Th
```

Th ni bí ibi gbígbóná ṣe gbóná tó, Tc ni ti ibi tútù, àmọ́ kẹ́lífìn la fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ fi 273 kún dígírì tẹ́ ẹ mọ̀. Ọ̀sán Abuja tó jẹ́ dígírì 35 jẹ́ 308, iná inú síńlíńdà jẹ́ nǹkan bíi 2,500. 308 pín sí 2,500 jẹ́ 0.12, ó ku 0.88, ìyẹn 88%. Kó tó lè di 100%, Tc gbọ́dọ̀ di òdo, ìyẹn dígírì 273 nísàlẹ̀ òdo, kò sì sí ibi tó tutù tó bẹ́ẹ̀ láyé yìí tẹ́ ẹ máa da èéfín sí. Àwọn kan ń sọ pé ọyẹ́ ló ń jẹ́ kí jẹ́n má mu epo. Ẹ fi dígírì 15 sí i kẹ́ ẹ wò ó, á bọ́ sí 88.5%, kò tó nǹkan tí èèyàn lè rí nínú táńkì.

Ẹ ó wá bi mí pé tó bá jẹ́ 88% ni Carnot gbà wá láyè, kí ló dé tí jẹ́n inú ilé ò dé 30%? Torí 2,500 yẹn kì í pẹ́ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Álúmíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ṣe písítọ̀nù ń yọ́ ní nǹkan bíi dígírì 660, torí náà a gbọ́dọ̀ máa fi fáànù àti àwọn ìyẹ́ ara ẹ́ńjìnì fa ooru kúrò kó má baà di pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́, ooru tá a fà kúrò bẹ́ẹ̀ ti já látòkè délẹ̀ láì yí nǹkan kan. Fáàfù tún ń ṣí nígbà tí gáàsì ṣì gbóná gan-an, ẹ gbé ọwọ́ yín sún mọ́ sàlẹ́ńsà (ẹ má fọwọ́ kàn án o), ẹ ó mọ̀. Lẹ́yìn náà ni irin tó ń ha irin, àti kọ́ìlì tó ń gbóná. Tẹ́ ẹ bá sì ní kẹ́ ẹ ṣe ẹ́ńjìnì tí Carnot ń wí gan-an, ooru ò gbọ́dọ̀ kọjá láti ibì kan sí ibòmíì àfi tí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná dọ́gba, torí ibi tí ooru bá ti fò látòkè sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló ti ṣòfò. Ibi tó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ooru ń rìn bí alágẹmọ. Ẹ́ńjìnì yẹn á péye, àmọ́ kò ní yára tó láti tan gílóòbù kan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ọjà. Jẹ́n pẹtiróòlù ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 8 sí 9 kó tó tanná sí i. Kò lè fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí pẹtiróòlù á dá gbiná kó tó àsìkò, ẹ ó máa gbọ́ kọ-kọ-kọ nínú ẹ́ńjìnì. Jẹ́n dísù, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń fún, ìlọ́po 16 sí 20, afẹ́fẹ́ náà á gbóná débi pé dísù tí wọ́n bá fọ́n sí i á gbiná fúnra ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ń jẹ nínú ẹ̀ ni pé gáàsì tí wọ́n fún tó bẹ́ẹ̀ máa wú gan-an kí fáàfù tó ṣí, tó bá fi máa jáde ó ti tutù sí i, èyí túmọ̀ sí pé ooru tó lọ sórí iṣẹ́ pọ̀ sí i. Èkejì, jẹ́n pẹtiróòlù ní ìlẹ̀kùn kékeré kan nínú kabúrétọ̀ tó máa ń sé afẹ́fẹ́ mọ́ tí lóòdù bá kéré, ẹ́ńjìnì á wá máa fi agbára ara ẹ̀ fa èémí bí ẹni tí imú dí. Dísù ò ní ìlẹ̀kùn yẹn.

Ẹ̀yìnkùlé mi la ti dán méjèèjì wò, ìta gbangba ni o, ẹ má dán an wò nínú yàrá, èéfín yẹn ń pa èèyàn. Jẹ́n pẹtiróòlù 2.5 kVA kan tá a yá, àti dísù 5 kVA tí aládùúgbò mi Bàbá Ṣèyí ń lò. A gbẹ táńkì, a da lítà kan péré sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a so họ́tì-péètì 1,500 wọ́ọ̀tì mọ́ ọn, torí iye tí áyọ́ọ̀nù àti máṣíìnì àbúrò mi máa jẹ pa pọ̀ nìyẹn, mo sì tẹ aago fóònù.

| | Pẹtiróòlù | Dísù |
|---|---|---|
| Àkókò tí lítà kan fi ṣiṣẹ́ | ìṣẹ́jú 65 | ìṣẹ́jú 100 |
| Yúnìtì iná tó mú wá | 1.6 | 2.5 |
| Ooru tó wà nínú lítà kan | bíi yúnìtì 9 | bíi yúnìtì 10 |
| Èyí tó di iná | 18% | 25% |

Yúnìtì yìí, irú èyí tẹ́ ẹ ń rà sínú mítà náà ni. Torí náà tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má bi wọ́n ní "ó ń jó epo tán?", ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ fi lítà kan ṣe irú ẹ̀. Jẹ́n pẹtiróòlù kékeré tí ò bá mú tó yúnìtì kan wá nínú lítà pẹ̀lú lóòdù tó tó o, nǹkan ń ṣe é: ó lè jẹ́ kabúrétọ̀ ni, ó lè jẹ́ ríìngì ti jẹ. Èéfín dúdú túmọ̀ sí pé epo ń jáde láì jó, ìyẹn ni 98% ọkùnrin yẹn ò ti sí níbẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni èyí tá a ṣe ṣìkẹta. A yọ họ́tì-péètì, a fi fáànù kan àti gílóòbù síbẹ̀, 150 wọ́ọ̀tì lápapọ̀, sára jẹ́n pẹtiróòlù. Lítà kan lo wákàtí méjì. Yúnìtì 0.3, ìyẹn nǹkan bíi 3%! Àwa tá à ń tan jẹ́n ńlá láti fi gba afẹ́fẹ́ lálẹ́, à ń ra ooru ni jàre. Dísù Bàbá Ṣèyí náà bà á jẹ́ nígbà tí lóòdù kéré, àmọ́ kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan tún fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí àpótí tí wọ́n ń so mọ́ sàlẹ́ńsà, wọ́n ní á dá ooru padà, jẹ́n á dé 95%. Ooru inú èéfín ní dígírì 500 ṣì lè ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ẹ ṣírò ẹ̀: 308 pín sí 773, ohun tẹ́ ẹ lè rí gbà ò lè ju nǹkan bíi 60% ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Ṣé ẹ rí i, àwọn ilé iṣẹ́ iná gáàsì ńlá ń fi èéfín tọ́báìnì kìíní se omi láti yí ìkejì, àpapọ̀ ẹ̀ sì ń lé ní 60% nínú àwọn tó dáa jù, pẹ̀lú bọ́ílà tó tóbi ju ilé lọ. Àpótí tó tó páànù ìpara ò lè ṣe é. Èyí tí wọ́n ń pè ní jẹ́n aláìlépo, tí bátìrì ń yí dínámò, tí dínámò ń ṣáàjì bátìrì, kò tiẹ̀ dé iwájú òfin kejì, òfin kìíní, tó ní kò sẹ́ni tó lè dá agbára sílẹ̀ látinú òfìfo, ti lé e padà lẹ́nu ọ̀nà.

Tó bá jẹ́ owó epo là ń wò, yúnìtì kan ń gba lítà 0.63 pẹtiróòlù, tàbí 0.4 dísù. Ẹ pín in síra, ẹ ó rí i pé dísù ṣì máa dín owó títí tí lítà ẹ̀ á fi wọ́n ju pẹtiróòlù lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 1.5. Ẹ lọ wo iye tí wọ́n ń tà á ládùúgbò yín kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹni tó ní fìríjì ẹran tàbí omi bọ́hòòlù, tí jẹ́n ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ mẹ́wàá lójúmọ́, mi ò ní bá a jiyàn, kó ra dísù. Fún áyọ́ọ̀nù wákàtí méjì sí mẹ́ta, owó tẹ́ ẹ máa fi ra dísù máa pẹ́ kó tó padà, ariwo ẹ̀ sì máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti lánlọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Jos, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́ torí òkè, ẹ ra èyí tó fi nǹkan bí ìdá kan nínú méje ju ohun tẹ́ ẹ nílò lọ.

Àbúrò mi ra pẹtiróòlù 2.5 kVA. Tẹ́lẹ̀, tó bá rán aṣọ kan tán ló ń lọ̀ ọ́. Ní báyìí ó ń kó gbogbo aṣọ jọ di aago méjì ọ̀sán, á tan jẹ́n, á ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́ pẹ̀lú máṣíìnì méjèèjì, tó bá ti ku fáànù àti gílóòbù nìkan, á pa á.