Ìbéèrè wọn dùn mọ́ mi, ẹni tó gbé ẹrù wọn ló bí mi nínú

Ẹni tó gbé ẹ̀bùn lọ sí Abẹ́òkúta ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, àmọ́ mi ò ní bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ilé ìtajà ẹ̀bùn kan ní Èkó ni, orí Wọ́sáàpù ni wọ́n ti máa ń gba iṣẹ́. Mo kọ̀wé sí wọn pé: "Ẹ káàsán, mo ń wá ẹ̀bùn tó dáa." Ó parí. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ yẹn ti kéré jù. Bí ọ̀pọ̀ oníbàárà ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń ta ẹ̀bùn ló yẹ kó mọ ohun tó máa bèèrè. Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ò bèèrè nǹkan kan. Àwòrán ló bẹ̀rẹ̀ sí í dà sórí fóònù mi: lọ́fínńdà, ife tí wọ́n kọ orúkọ sí lára, ọmọláńgidi onírun, agbọ̀n tí bisikíìtì àti jíùsì kún inú rẹ̀. Mo ní èwo ló yẹ ìyá ọkọ ẹni nínú gbogbo ìwọ̀nyí? Ó ní: "Gbogbo ẹ̀ ló ń tà, mà."

Mo ti fẹ́ bá tèmi lọ nígbà tí obìnrin kan fi ohùn ránṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí wa. Ta la fẹ́ fún, kí la sì fẹ́ bá wọn yọ̀ sí?" Mo ní ìyá ọkọ mi ni, olùkọ́ tó ń fẹ̀yìn tì. Ó tún bèèrè ibi tí wọ́n ń gbé, mo ní Abẹ́òkúta. Ó bú sẹ́rìn-ín: "A jẹ́ pé àdìrẹ ò sí níbẹ̀ nìyẹn. Ta ló ń kó àdìrẹ láti Èkó lọ bá ẹni tó mọ ọ̀nà Ìtòkú?"

Ti owó ló wú mi lórí jù. Kò bi mí pé èló ni mo ní, nítorí ìbéèrè yẹn máa ń jẹ́ kéèyàn rò pé wọ́n fẹ́ wọn àpò òun wò. Ohun tó ní ni pé: "Ṣé kó má ju 30,000 lọ ni, àbí kó wà láàárín 30,000 sí 80,000, àbí ó lè jù bẹ́ẹ̀?" Mo mú ti àárín. Ó tún ṣàlàyé pé owó tí wọ́n fi máa gbé e dé Abẹ́òkúta ò sí nínú ẹ̀, kí n yọ ọ́ sọ́tọ̀ báyìí. Lẹ́yìn náà ló wá bèèrè ohun tí mi ò tiẹ̀ rò tẹ́lẹ̀: "Kí ni màmá kì í jẹ tàbí tí wọn kì í lò?" Ìtọ̀ ṣúgà ń yọ màmá lẹ́nu. Agbọ̀n bisikíìtì fò lọ.

Àwòrán méjì péré ló fi ránṣẹ́ lẹ́yìn gbogbo èyí. Mo mú gèlè àti ìpèlé aṣọ òkè aláwọ̀ sányán, nítorí ó máa bá ìró àti bùbá tí màmá ti ní lọ, àwọ̀ yòówù kó jẹ́. Kò pa irọ́ fún mi. Ó ní àwọ̀ ni sányán, òwú lásán ni wọ́n fi hun ún, kì í ṣe sányán tòótọ́ tí wọ́n ń rí lára ilé kòkòrò. Ó ní tí mo bá fẹ́ kí wọ́n hun òmíràn, ọjọ́ ìfẹ̀yìntì á ti kọjá kó tó délé. Ní 65,000, mo ní ó yá.

Wọ́n ní kí n fi àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á ránṣẹ́. Mo fi ti màmá ránṣẹ́, mo ṣáà ti kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n má pè é, èmi ni kí wọ́n pè. Ọlọ́kadà yẹn ò débi ẹnu ọ̀nà tó fi pe màmá: "Ẹ jáde o, ìyàwó ọmọ yín fi gèlè ìfẹ̀yìntì ránṣẹ́." Gèlè! Ó tiẹ̀ dárúkọ ohun tó wà nínú páálí! Màmá pe ọkọ mi, ọkọ mi pe èmi, mo sì ṣì wà níbi iṣẹ́, mò ń retí kí ẹlẹ́rù pè mí.

Mo bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀, ohùn mi ò sì rẹlẹ̀. Kò jiyàn. Ó ní inú ìwé tiwọn ni àkọsílẹ̀ mi kù sí, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n dà kọ fún ọlọ́kadà. Ó dá owó tí mo san fún gbígbé ẹrù náà padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmọ́ ẹni tó bèèrè ohun tí màmá kì í jẹ, ṣé kò yẹ kó bèèrè bóyá màmá mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀?

Màmá ti wé gèlè náà lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Àbúrò mi ń wá ẹ̀bùn ìgbéyàwó, mo ti fún un ní nọ́ńbà wọn, mo ní obìnrin yẹn ni kó bèèrè, kó sì má fún wọn ní nọ́ńbà ìyàwó.