Olóòtú tó sọ àkọsílẹ̀ fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́wàá di mẹ́ta fún mi ní Mọ́kọ́lá

Fíìmù ìtàn gidi lórí odò Ògùnpa n'Ìbàdàn ni mo gbé lọ bá olóòtú yìí. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ojú ìwé mẹ́wàá, ìyẹn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí pé bí a bá kọ ọ́ bí àwọn onífíìmù ṣe ń kọ ọ́, ojú ìwé kan kì í jìnnà sí ìṣẹ́jú kan. Ìdíje tí mo fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, àkọlé àti orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ sì wà nínú mẹ́ta náà. Èyí tó bá lé, wọn kò ní wò ó rárá.

Ohun tó kọ́kọ́ wù mí ni pé ẹ̀gbọ́n yìí kò tètè mú bírò. Wọ́n ka gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n wá bi mí pé, “Àbúrò, bí ẹni tó wò ó bá délé, kí lo fẹ́ kó sọ fún aládùúgbò ẹ̀?” Mo ní: pàǹtí tí à ń dà sí gọ́tà ló ń dí ọ̀nà omi. Wọ́n kọ ọ́ sí orí ìwé àkọ́kọ́, òun la sì fi ń wo ìpele kọ̀ọ̀kan: bí a bá yọ eléyìí, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ṣì dúró?

Ìtàn Lágelú àti bí Ìbàdàn ṣe bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Òjò ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tó gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ, náà jáde. Ìyẹn dùn mí, a sì jiyàn lé e lórí pẹ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Ògùnpa kọ́ nìyẹn. Bí òǹwòran bá rí omíyalé méjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó so wọ́n pọ̀, a ò sì ní àyè láti ṣàlàyé. Mo gbà fún wọn.

Omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ló kù. Ẹni mẹ́ta ló ń sọ ohun tí ojú wọn rí lọ́jọ́ náà tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ wọ́n di baba kan ṣoṣo. Kì í ṣe pé baba yìí mọ̀ ọ́n sọ jù wọ́n lọ o. Baba ló na ọwọ́ sí ara ògiri láti fi ibi tí omi dé hàn wá, kò sì sẹ́ni tó tún nílò àlàyé lẹ́yìn ìyẹn.

Ibi tí mo ti rí ọgbọ́n wọn jù ni ọ̀rọ̀ asọ̀tàn. Ohun tí mo kọ ni pé: “Ó ti pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò ti ń da oríṣiríṣi pàǹtí bíi ọ̀rá, ike àti àkísà sínú gọ́tà, èyí tí kì í jẹ́ kí omi òjò rí ọ̀nà gbà dé inú odò.” Wọ́n fi àwòrán ọ̀rá tó kún ẹnu gọ́tà fọ́fọ́ rọ́pò rẹ̀, asọ̀tàn sì sọ pé: “Omi dé ibí, ó dúró.” Ojú ìwé kan gbáko tí onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń ṣàlàyé bí omi ṣe ń ṣàn tún lọ bẹ́ẹ̀, torí àwòrán yẹn ti sọ ọ́.

Nígbà tó kan àkókò, wọ́n yọ ìṣẹ́jú àáyá 10 fún àkọlé, 15 fún orúkọ, àti 15 kí omi máa ṣàn láìsí ohùn kankan. Ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 20 ló ṣẹ́ kù fún ọ̀rọ̀. Wọ́n kìlọ̀ pé kí n má fi ojú lásán kà á, kí n kà á sókè pẹ̀lú aago fóònù, kí ẹni tó máa sọ ọ́ gan-an sì sọ ọ́. Nígbà tí àwa ka ọ̀rọ̀ baba, ìṣẹ́jú àáyá 25 ló gbà. Nígbà tí baba sọ ọ́ fúnra wọn, ó di 40, torí àgbàlagbà kì í kánjú sọ̀rọ̀. Inú ọ̀rọ̀ asọ̀tàn ni ẹ̀gbọ́n ti yọ 15 yẹn, wọn ò fọwọ́ kan ti baba. Mo ní kí asọ̀tàn kúkú sáré kà á, wọ́n kọ̀: bí èèyàn bá ń sáré, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ á pọ̀ mọ́ra wọn, olùgbọ́ á sì máa ro ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nígbà tí òmíràn ti dé.

Lẹ́yìn náà, wọ́n pe ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn, wọ́n kà á fún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kó sọ ohun tó gbọ́. Ó ní, “Ọ̀rá tí wọ́n dà sí gọ́tà ni ò jẹ́ kómi kọjá.” Ká ní ọ̀rọ̀ baba nìkan ló rántí ni, iṣẹ́ ò tíì parí.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn: iye ojú ìwé tí èèyàn gbé wá ni wọ́n fi ń gba owó, kì í ṣe iye tó kù, bẹ́ẹ̀ sì ni àtúnṣe kejì ní owó tirẹ̀. Ìwé nìkan ni wọ́n sì ń gé. Ẹni tó ti ya fíìmù rẹ̀ tán, ọ̀dọ̀ wọn kọ́ ni kó gbà. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ yọ ọ̀kan nínú kókó méjì tó wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á dá owó rẹ̀ padà fún un. Mo rí i tí wọ́n ṣe é fún oníbàárà kan níṣojú mi.

Gbogbo ojú ìwé tí wọ́n yọ ni wọ́n kó fún mi padà nínú fáìlì, tí wọ́n kọ orúkọ ìpele sára rẹ̀. Ti Apẹ̀tẹ̀ ló wà lókè, mo sì ti ń kọ ọ́ lọ́tọ̀.