Oṣù mẹ́rìnlá pẹ̀lú YubiHSM 2: kọ́kọ́rọ́ kò kúrò nílé, síbẹ̀ wọ́n lò ó

Ẹ̀rọ yìí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Bí a bá kì í bọ ojú yúésíbì sáfà, etí rẹ̀ nìkan ni ó ń yọ síta. A rà á láti tọ́jú kọ́kọ́rọ́, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí a fi ń buwọ́ lu sọ́fítíwìà wa, kí fóònù àwọn oníbàárà lè mọ̀ pé àwa gan-an ni a fi í ránṣẹ́. Inú rẹ̀ ni a ti ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ náà, a kò sì fún un láyè láti jáde: sáfà a fi ohun tí ó fẹ́ kí a buwọ́ lù ránṣẹ́ sínú rẹ̀, ìbuwọ́lù nìkan ni yóò sì padà wá. Ẹni tí ó bá kó gbogbo fáìlì orí sáfà lọ kò ní bá kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Ní ti èyí, n kò ní ẹ̀sùn kankan.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ ènìyàn. Ẹni tí ó bá mú ọ̀rọ̀ aṣínà wá ni ó ń jẹ́ fún. Èyí tí ó ń bá wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ni `password`, a sì pa á rẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Àṣìṣe wa ni pé a kọ tuntun sínú fáìlì kan lórí sáfà kan náà, kí iṣẹ́ lè máa lọ lóru láìsí ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹsàn-án, ẹnì kan gba ihò inú sọ́fítíwìà mìíràn wọ sáfà náà, ó ka fáìlì wa, ó sì ní kí ẹ̀rọ buwọ́ lu nǹkan tirẹ̀. Ẹ̀rọ náà buwọ́ lù ú wẹ́rẹ́.

Àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ ni a fi mọ̀:

```
yubihsm> audit get 0
```

Láti ìgbà tí a ti kó àkọsílẹ̀ kẹ́yìn, ìbuwọ́lù 4 ni a ṣe, 7 ni a bá níbẹ̀. Kò sọ ohun tí wọ́n buwọ́ lù, kò sì sọ aago. Kìkì bí ó ti pẹ́ tó lẹ́yìn tí iná wọ ẹ̀rọ. Ìlà 62 péré ni ó gbà, tuntun a sì bo àtijọ́ mọ́lẹ̀, àfi bí ẹ bá pàṣẹ fún un pé kó dáwọ́ iṣẹ́ dúró títí ẹ ó fi kó wọn. Ẹ pàṣẹ bẹ́ẹ̀.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2011 sí DigiNotar, ilé iṣẹ́ kan ní Nẹ́dálándì tí ó ń fún àwọn ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀rí ìdánimọ̀. Inú irú ẹ̀rọ báyìí ni kọ́kọ́rọ́ wọn wà, síbẹ̀ àwọn tó fọ́ kọ̀ǹpútà wọn rí ẹ̀rí ìdánimọ̀ èké 531 gbà, tí ti Google wà lára wọn.

Jíjí kọ́kọ́rọ́ gan-an ṣòro, kì í ṣe àìṣeéṣe. Ní 2024, àwọn onímọ̀ NinjaLab fi hàn pé bí ẹ̀rọ bá wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní irinṣẹ́ ìwọ̀n tó péye, ìtànṣán tí ó ń jáde nígbà ìbuwọ́lù lè tú irú kọ́kọ́rọ́ kan síta. Èyí tí sọ́fítíwìà inú rẹ̀ kò tó 2.4.0 ni ó kàn, kò sì ṣeé sọ di tuntun. Ẹ ó ra òmíràn ni.

Ní báyìí, ẹni tí iṣẹ́ kàn láàárọ̀ ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, sáfà tí ó ń buwọ́ lù kò sì kan íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́. Iṣẹ́ òru ti dópin, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ń ráhùn.