Wọ́lẹ́ẹ̀tì tí mo fọwọ́ ara mi pa rẹ́ kí n tó kówó gidi sí i

Orí ilé pàṣípààrọ̀ ni bítíkọ́ìnì mi wà fún ọdún mẹ́ta. Bí mo bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, wọn a jẹ́ kí n yí i padà láti inú ímeèlì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ owó náà wà. Ohun tí mo ń rí lójú fóònù kò ju àkọsílẹ̀ pé mo lówó lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí FTX, ilé pàṣípààrọ̀ ńlá kan, wó ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Ìyẹn ni mo ṣe ra háádíwíà wọ́lẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ kékeré tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ owó náà, tí mo lọ gbà ní gáráàjì níbí l'Óṣogbo. Mo kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan ti kọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tó ń ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì sínú páálí rẹ̀. Èyí tó bá bá ọ̀rọ̀ tí a ti kọ sílẹ̀ wá, olè ló kọ ọ́.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ṣa ọ̀rọ̀ 24 nínú àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 2048, ó ń fi wọ́n hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀ tó kéré bí èékánná (ojú ń ro mí kí n tó parí). Síìdì fúréèsì nìyẹn. Mo fi báírò kọ ọ́ sínú ìwé. N kò yà á ní fọ́tò, nítorí fóònù mi a máa kó fọ́tò lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìbéèrè.

Mo fi owó táṣẹ́rẹ́ ránṣẹ́ sí i, mo wá mọ̀ọ́mọ̀ tẹ píìnì tí kò tọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó pa ohun gbogbo inú rẹ̀ rẹ́. Mo tẹ ọ̀rọ̀ 24 náà padà, ó kọ̀ wọ́n. Àyà mi já. Ìyàwó mi ló gba ìwé náà wò, ó ní, "Bàbá Tóbi, ṣé `wood` lèyí ni àbí `wool`?" Ọ̀rọ̀ kẹtàdínlógún ni, báírò mi ló jẹ́ kí l jọ d. Mo tẹ `wool`, ó ṣí. Owó mi wà níbẹ̀ pérépéré, torí inú ẹ̀rọ kọ́ ló ti wà tẹ́lẹ̀: orí bùlọ́ọ̀kùṣéènì, ìwé àkọsílẹ̀ gbogbogbò ti bítíkọ́ìnì, ló wà, ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò gba àṣìṣe mi nítorí pé ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ní ohun tó ń yẹ àwọn yòókù wò. Nínú ọ̀rọ̀ 24, àṣìṣe kan péré nínú bíi 256 ló lè kọjá. Nínú ọ̀rọ̀ 12, ó jẹ́ ọ̀kan nínú 16. Èyí tó bá kọjá yóò ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì mìíràn tó ṣófo, kò sì ní sọ pé ẹ ṣàṣìṣe. Ẹni tí kò dán tirẹ̀ wò lè má mọ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi bàjẹ́.

Àléébù rẹ̀ nìyí: ẹni tó bá rí ìwé yẹn kò nílò ẹ̀rọ mi tàbí píìnì mi kó tó kó owó mi lọ. Bí mo bá sì fẹ́ náírà, mo ní láti dá bítíkọ́ìnì padà sí ilé pàṣípààrọ̀, kí n san owó ìfiránṣẹ́. Nítorí náà mo ṣì fi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo tún ọ̀rọ̀ náà kọ ní lẹ́tà ńlá sí ìwé méjì. Ọ̀kan wà nílé mi, èkejì wà nínú àpòòwé tí mo lẹ̀ pa lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìkìrun. Màmá rò pé ìwé ilẹ̀ ni. Mi ò tíì ṣàlàyé.