Àgbéyẹ̀wò róòlù ọ̀rá ìbolẹ̀ oní 400 mítà: ebè kẹwàá tí kò bò tán

Ọ̀rá tán lọ́wọ́ wa lórí ebè kẹwàá. Òjò ti ṣú, àwọn irúgbìn ata rodo tí mo ti tọ́jú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti tò sí ẹ̀bá oko, àmọ́ ìdajì ebè náà ṣì wà láìbò. Ìbínú ọjọ́ náà ni ó mú mi jókòó kọ èyí.

Kí n tó ra róòlù náà ní ilé ìtajà ohun èlò oko kan níbí ní Ìbàdàn, mo ti ṣàlàyé fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dá mi lóhùn pé ebè mẹ́wàá ni mo ní lẹ́yìn Mọ́níyà, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 20 mítà, àti pé orí rẹ̀ fẹ̀ ní 120 sẹ̀ǹtímítà. Ó ṣírò rẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, ó ní gbogbo orí ebè mi kò ju 240 mítà onígun mẹ́rin lọ, róòlù tí ó fẹ̀ ní 120 sẹ̀ǹtímítà tí ó sì gùn ní 400 mítà yóò sì bo 480. Ó ní, “Ìdajì rẹ̀ á ṣẹ́ kù fún yín, mà.” Kò bi mí bí ebè náà ṣe ga tó. Kò bi mí bí etí ọ̀rá yóò ṣe wọ ilẹ̀. Èmi náà gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, mo sanwó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo padà lọ bá wọn, nítorí ó dá mi lójú pé wọ́n ti gé nínú róòlù náà kí wọ́n tó tà á fún mi, mo sì sọ ọ́ sókè. Ọ̀gá wọn kò tilẹ̀ dìde. Ọmọbìnrin kan tí ó ń ka ọjà ni ó fún mi ní àga, tí ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Mítà mélòó lẹ ń gé lẹ́ẹ̀kan?” Mo dáhùn pé mítà 21 ni, ìlà méjì lórí ebè kọ̀ọ̀kan, nítorí ìlà kan kò bo ebè dé ilẹ̀. Ó kọ ọ́ sára páálí: ebè mẹ́sàn-án ní 42 mítà jẹ́ 378, ìlà kan lórí ebè kẹwàá mú un di 399, mítà kan tí mo bá nílẹ̀ sì mú un pé 400. Ó tún gbé róòlù tuntun irú rẹ̀ lé òṣùwọ̀n. Ó ní ọ̀rá tí ó nípọn ní máíkírọ́ọ̀nù 25, ní fífẹ̀ àti gígùn yìí, gbọ́dọ̀ wọn bíi kílò 11, láìka páìpù páálí àárín rẹ̀. Bí ó bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yálà kò gùn tó tàbí kò nípọn tó. Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti rọ̀, nítorí róòlù náà pé. Ìṣirò tí wọ́n ṣe fún mi ni kò pé.

Lẹ́yìn náà ni ó ya ebè náà fún mi. Orí rẹ̀ jẹ́ 120, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ 25-25, ibi tí a óò fi erùpẹ̀ bò ní ẹsẹ̀ ebè jẹ́ 15-15. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200 sẹ̀ǹtímítà. Ọ̀rá tí ó fẹ̀ ní 120 kò lè dé ibẹ̀ láé, ìlà méjì ni yóò gbà, wọn yóò sì gun ara wọn ní 40 sẹ̀ǹtímítà ní àárín. Gígùn náà ní tirẹ̀: orí ebè 20 mítà, pẹ̀lú 25 àti 15 ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 20.8, òun ni mo fi ń gé 21. Ebè mẹ́wàá gba 420 mítà. Ká ní orí ebè mi fẹ̀ ní 60 péré, tí ó sì ga ní 15, ìlà kan ì bá bò ó géérégé, róòlù kan ì bá sì tó ebè mọ́kàndínlógún tí ó gùn bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ì bá bi mí.

Ọ̀gá wọn ní àwọn kì í gé ọ̀rá tà. Ọmọbìnrin náà ló bẹ̀ ẹ́ títí tí ó fi gbà kí wọ́n gé 21 mítà fún mi nínú róòlù kan tí wọ́n ti tú tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ gba 20 kí n sì so mítà kan tí ó wà nílé mọ́ ọn, ó kọ̀, ó ní ibi tí méjèèjì bá ti gun ara wọn yóò jẹ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kò sì ní pé mọ́.

Ní ti ọ̀rá fúnra rẹ̀, mi ò tíì rí irú rẹ̀. Ojú rẹ̀ aláwọ̀ fàdákà ni mo kọ sókè, dúdú wà nísàlẹ̀. Koríko kò yọ lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tutù títí di ìrọ̀lẹ́ nígbà tí poro ti gbẹ. Ibi tí ìlà méjèèjì ti gun ara wọn nìkan ni ó ń dà mí láàmú, nítorí afẹ́fẹ́ òjò máa ń wọ abẹ́ rẹ̀ gbé e sókè, àfi ìgbà tí mo fi erùpẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní mítà méjì-méjì. Ẹ má ṣe lu ihò sí ibẹ̀ rárá: bí ọ̀rá òkè bá sún díẹ̀, ihò méjèèjì kò ní bára mu, yóò sì fún irúgbìn lọ́rùn. Ìlà ata mi jìnnà síra ní 60 sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìn ibẹ̀ ní apá méjèèjì.

Ata ebè kẹwàá ṣì kéré ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí ọjọ́ márùn-ún ni ó fi pẹ́ lẹ́yìn wọn. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni n ó ti ra èyí tí n ó lò fún tòmátì, bí ọmọbìnrin yẹn bá ṣì wà níbẹ̀.

Máàkì: 2 nínú 5.